Bí 36% ṣe ń di 74%: ohun tí owó fọ́ọ̀mù àti ìnṣọ́ránsì ń ṣe sí èlé

Láti oṣù Keje ọdún 2025 tí òfin tuntun àjọ FCCPC lórí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìtanràn tó lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni lẹ́tà mẹ́ta tí a máa ń rí níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé áàpù ẹ̀yáwó: APR. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ, ní ìwọ̀n ọdún kan, iye tí owó tó wọ ọwọ́ ẹni ń náni. Owó tó wọ ọwọ́ ẹni ni mo wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó yá ₦100,000. Wọ́n ní èlé rẹ̀ jẹ́ 3% lóṣù, pé yóò san ₦13,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi 3 lọ́nà 12 yóò ní 36% lọ́dún ni. Ṣùgbọ́n kí owó tó wọ àkáǹtì ìyá yìí, wọ́n ti yọ ₦3,000 owó fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ti yọ ₦2,000 owó ìnṣọ́ránsì. ₦95,000 ló rí gbà.

Ká tó dé orí owó tí wọ́n yọ, nǹkan kan wà nínú 3% yẹn fúnra rẹ̀. Orí ₦100,000 ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ìyá ń dá ₦10,000 padà nínú ojú owó lóṣooṣù. Nígbà tó bá ku oṣù kan, ₦10,000 péré ló kù lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ₦3,000 ni èlé oṣù náà. Ó dà bí ẹni tó háyà yàrá mẹ́wàá, tó ti kó kúrò nínú mẹ́sàn-án, tó ṣì ń san owó gbogbo wọn. Tí a bá ṣírò èlé lórí gbèsè tó kù nìkan, 36% yẹn ti di nǹkan bíi 61%.

Ìgbà yìí ni owó tí wọ́n yọ wá wọlé. Ìbéèrè tí APR ń dáhùn ni pé: èlé mélòó lóṣù, lórí gbèsè tó kù, ni yóò mú kí ₦95,000 tán pátápátá lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá tí a san ₦13,000? Ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6.15%. Ẹni tó bá ní Excel lórí fóònù lè tẹ èyí:

```
=RATE(10,-13000,95000)*12
```

Yóò rí 73.8%. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní Britain, èlé orí èlé ni wọ́n fi ń gbé ti oṣù dé ọdún, nítorí náà gbèsè kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 105% níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi APR ìlú kan wé ti òmíràn láì kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni bí àkókò ṣe ń sọ owó kékeré di ńlá. ₦5,000 kan náà ló fi nǹkan bíi 13 kún APR ẹ̀yáwó olóṣù mẹ́wàá yìí, láti 61 sí 74. Tó bá jẹ́ pé oṣù kan ṣoṣo ni ìyá fẹ́ fi yá owó náà, yóò gba ₦95,000, yóò sì dá ₦103,000 padà. ₦8,000 lórí ₦95,000 láàárín oṣù kan jẹ́ 8.4%, ìyẹn 101% lọ́dún. Owó tí wọ́n yọ nìkan ló gbé e kúrò ní 36%. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń yáwó ọlọ́jọ́ díẹ̀ bèèrè owó fọ́ọ̀mù kó tó bèèrè èlé.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló máa ń fa àríyànjiyàn. Ayánilówó á ní ààbò ni, kì í ṣe èlé. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 lórí òtítọ́ nínú ẹ̀yáwó dá ọ̀ràn náà báyìí: tí ẹ̀yáwó kò bá ṣeé gbà láìsí ìnṣọ́ránsì náà, ara owó ẹ̀yáwó ni. Kó tó lè yọ kúrò níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe dandan, kí wọ́n sọ iye rẹ̀, kí ẹni tó ń yáwó sì fọwọ́ sí i lọ́tọ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Ìdájọ́ yẹn tọ́ lójú mi. Irú ìnṣọ́ránsì báyìí sábà máa ń san gbèsè tó kù bí ẹni tó yáwó bá kú. Ó ń gba ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayánilówó ni owó náà kọ́kọ́ ń lọ bá.

Síbẹ̀, n kò rò pé APR ńlá nìkan tó láti fi dá ayánilówó lẹ́bi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò àti gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tó yá ₦100,000 kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ẹni tó yá mílíọ̀nù kan, kò sì sí bí ìnáwó yẹn kò ṣe ní hàn nínú APR. Bóyá ohun tó dára jù ni kí wọ́n kọ iye méjì pọ̀ sójú ìwé kan náà ṣáájú ìfọwọ́sí: 74% lọ́dún, àti ₦35,000 tí ìyá yóò san lé ₦95,000 tó gbà.