Bí Fóònù Bá Pa Áàpù, Ta Ni Yóò Fi Àkọsílẹ̀ Alájọ Ránṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wo áàpù kan tí àwọn alájọ fi ń kọ owó oníbàárà sílẹ̀ lọ́jà. Ìyá aláta san 500 náírà, alájọ kọ ọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Àkọsílẹ̀ náà ní láti dúró sínú fóònù títí yóò fi ráyè lọ sí sáfà. Lórí Áńdíróìdì, WorkManager ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ó máa ń kọ iṣẹ́ náà pamọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ pa fóònù tí wọ́n tún tàn án, kò ní gbàgbé.

Àkókò ni kò ṣèlérí. Iṣẹ́ àṣetúnṣe kò lè súnmọ́ra ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bí fóònù bá sì wà nílẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Áńdíróìdì lè dá a dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà.

Èyí tó le ni ti àwọn fóònù kan tí olùṣe wọn fi òfin bátìrì tirẹ̀ kún un. Bí alájọ bá fi ìka gbá áàpù kúrò lójú fóònù, fóònù náà á kà á sí pé ó ní kí wọ́n fipá pa á. Gbogbo iṣẹ́ tí áàpù náà ti tò sílẹ̀ á pa rẹ́ lọ́dọ̀ Áńdíróìdì, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan. Ẹ lè rí i fúnra yín: ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí, kí ẹ gbá áàpù dànù, kí ẹ sì tún un tẹ̀.

```
adb shell dumpsys jobscheduler
```

Bí iṣẹ́ áàpù yín kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ ti mú olè. Àkọsílẹ̀ WorkManager fúnra rẹ̀ ṣì wà, ìgbà tí ẹnìkan bá tún ṣí áàpù ló máa tò ó padà.

Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé sórí iṣẹ́ àṣetúnṣe. Gbàrà tí alájọ bá ti kọ owó tán, tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni kí ẹ ti bẹ iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan:

```kotlin
WorkManager.getInstance(context).enqueueUniqueWork(
    "firanse", ExistingWorkPolicy.APPEND_OR_REPLACE, ise)
```

Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tí áàpù bá ṣí, bí àkọsílẹ̀ bá kù.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa. Fóònù lè pa áàpù lẹ́yìn tí sáfà ti gba owó náà, kí èsì tó dé. Áàpù á tún un fi ránṣẹ́, 500 ìyá aláta á sì di 1,000. Nítorí èyí, inú fóònù ni kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ ọ́. Bí sáfà bá tún rí nọ́ńbà tó ti gbà tẹ́lẹ̀, kó kàn fèsì pé ó ti dé, kó má ṣe fi kún owó.

Ẹ fi iye àkọsílẹ̀ tí kò tíì lọ hàn lójú ìwé àkọ́kọ́ áàpù, kí alájọ lè rí i kó tó kúrò lọ́jà. Ibẹ̀ náà ni kí bọ́tìnì tó ń gbé e lọ sí ètò bátìrì fóònù wà, kó lè gba áàpù láàyè láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Orúkọ ètò náà yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù. Àṣẹ òkè yẹn ni ẹ ó tún tẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.