Iye Ojú-ìpàdé Aláṣẹ́kù nínú Àwòrán Ìsopọ̀

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, àwòrán ìsopọ̀ ni àkójọ àwọn ojú-ìpàdé pẹ̀lú àwọn ìlà tí ó so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Iye ìlà tí ó dé ojú-ìpàdé kan ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá ṣe é pín sí méjì láìsí àṣẹ́kù, onídọ́gba ni ojú-ìpàdé náà. Bí ó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan, aláṣẹ́kù ni. Iye àwọn aláṣẹ́kù lè jẹ́ òdo, méjì tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ọ̀kan tàbí mẹ́ta láé.

Òfin ìbọwọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń bọ ara wọn lọ́wọ́ níbi àpèjẹ, tí olúkúlùkù sì ka iye ìgbà tí òun bọ ènìyàn lọ́wọ́, ẹni méjì ni yóò ka ìbọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun méjì, nítorí náà àròpọ̀ gbogbo ìwọ̀n jẹ́ ìlọ́po méjì iye ìlà.

Ẹ jẹ́ kí a wá pín àwọn ojú-ìpàdé sí ọ̀nà méjì. Àròpọ̀ ìwọ̀n àwọn onídọ́gba kò lè ní àṣẹ́kù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀ gbogbo, tí òun náà kò ní àṣẹ́kù, ohun tí ó kù, èyí tí í ṣe àròpọ̀ ìwọ̀n àwọn aláṣẹ́kù, gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí méjì. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìwọ̀n aláṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn di onídọ́gba, iye tí a sì yọ jẹ́ iye àwọn aláṣẹ́kù gan-an. Iye náà kò lè ní àṣẹ́kù.

Fún àpẹẹrẹ, ẹ fi ìlà so orílẹ̀-èdè tí ó bá ara wọn pààlà láàárín mẹ́fà wọ̀nyí nìkan: Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà, Nìjẹ̀ àti Bùkínà Fasò. Ìlà 9 ni yóò wà. Gánà ní 2, Tógò 3, Bẹ̀nẹ̀ 4, Nàìjíríà 2, Nìjẹ̀ 3, Bùkínà Fasò 4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 18. Tógò àti Nìjẹ̀ nìkan ni aláṣẹ́kù. Bí ẹnìkan bá gbàgbé ààlà Nìjẹ̀ àti Bùkínà Fasò nígbà tí ó ń ka ti Nìjẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó kà á fún Bùkínà Fasò, àròpọ̀ yóò di 17, àṣìṣe náà yóò sì hàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé rẹ̀ níhà méjèèjì, àròpọ̀ yóò di 16, òfin yìí kò sì ní tú u fó.

Léonáàdì Ọ́ílà ti fi irú ìkà yìí hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1736 lórí afárá 7 ìlú Kọ́nísíbẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ mẹ́rin ìlú náà ní afárá 5, 3, 3 àti 3, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni aláṣẹ́kù.

Àwòrán tí ó lópin nìkan ni ẹ̀rí yìí bá mu. Bí ojú-ìpàdé bá tò tẹ̀ lé ara wọn láìlópin láti orí ẹyọ kan, ti àkọ́kọ́ yóò ní ìwọ̀n 1, gbogbo ìyókù yóò ní 2; aláṣẹ́kù kan ṣoṣo ni yóò wà níbẹ̀, nítorí kò sí àròpọ̀ tí a lè pín.