Èpò Tí Oògùn Kò Rí Pa Mọ́

Atirasíìnì, oògùn èpò tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo, kì í jó ewé bí iná. Ńṣe ni ó ń dí ewé lọ́wọ́ láti fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 1968, ní ìpínlẹ̀ Wọṣintọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà, èpò kan kọ̀, kò kú mọ́ nínú ọgbà tí wọ́n ti ń fọ́n irú oògùn yìí sí lọ́dọọdún. Oògùn kọ́ ni ó yí i padà: ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ti le bẹ́ẹ̀ láti inú irúgbìn ni ó yè, tí ó sì ń pọ̀ sí i.

Bí èpò kan bá kú, tí irú rẹ̀ gan-an yè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fi kún oògùn. Ẹ ro ó kí ó tó so, kí ẹ sì lo oògùn tí ń pa èpò lọ́nà mìíràn.