Ọjọ́ tí wọ́n wó gbọ̀ngàn ọjà

Aago méje kò tíì lù tí mo fi dé ẹnu ọjà, ṣùgbọ́n Baba ti dé ṣáájú mi. Wọ́n ti gbé àpótí wọn sábẹ́ igi odán tó kọjú sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń wòkè. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n wá fi ọ̀pá nàka sí òrùlé.

“Orí rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ ká. Bí wọ́n bá mọṣẹ́, ọwọ́ ni wọn yóò fi ká a.”

Wọ́n mọṣẹ́ o. Àwọn tó gun òrùlé náà ti ra páànù àti igi rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ta ni yóò sì fọ́ ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà? Ọmọkùnrin mẹ́rin ń fi irin yọ ìṣó, wọ́n ń fi okùn sọ páànù kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí igi ìrókò àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, Baba ní kí n lọ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Mo lọ wò ó. Ó pọ́n rúsúrúsú bí ẹni pé àná ni wọ́n là á, ikán kankan ò fẹnu kàn án.

“Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ó ti gbó,” ni Baba wí. “O rí ibi tó gbó níbẹ̀?”

N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún ṣì wà lórí àga. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn yìí, ọdún tí owó kòkó ga lókè réré, tí àwọn oníṣòwò ìlú sì dá owó jọ kí òjò yé pa ọjà wọn. Ọmọ ọdún 16 ni Baba nígbà náà, ọmọ iṣẹ́ tó ń ru amọ̀ ni wọ́n. Ọ̀gá wọn kọ́ iṣẹ́ ní Èkó lọ́dọ̀ ọmọ Agùdà kan, ìyẹn ìran àwọn tó padà wá láti Bràsílì. Ẹni tó bá ti kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, yóò mọ irú ọwọ́ tí mò ń wí: òdòdó tí a mọ sára ògiri, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ti gbọ̀ngàn yìí mọ níwọ̀n. Òpó mẹ́fà ló wà níwájú, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí orí wọn tẹ̀, àti kìnnìún kan lókè tó jọ ajá.

“Ọ̀gá mi ò rí kìnnìún rí,” ni Baba wí. “Inú àwòrán ló ti wò ó.”

Nígbà tí àwọn tó ra páànù jókòó láti jẹ ẹ̀kọ, Baba dìde, wọ́n ní kí a wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fẹ́ dá wa dúró, ó wo ojú Baba, ó bá yà fún wa. Ìsọ̀ ti ṣófo. Oòrùn tó ń wọlé láti òkè mú kí ilé náà dà bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà rẹ̀ lójijì. Bí a ti ń lọ ni Baba ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìpìlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ dé orúnkún, wọ́n to òkúta yangí sínú rẹ̀, wọ́n sì tò ó yọ sókè ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Èyí ni bàtà tí ògiri wọ̀, kí omi ilẹ̀ má bàa kan amọ̀. Lẹ́yìn ọjà ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀pa. Wọ́n á pa á lómi, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n á tún padà wá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ògiri náà nípọn tó ínǹṣì 18. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé òmíràn lé e títí tí èékánná kò fi ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

“Bí o bá kánjú, ó máa yọ ikùn. Ògiri tó bá ti yọ ikùn, ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ò jìnnà.”

Wọ́n dúró níwájú ògiri apá àríwá, wọ́n fi orí ọ̀pá gbá a. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dún bí igi. A rìn jìnnà díẹ̀, a dé ògiri apá gúúsù, ibi tí afẹ́fẹ́ òjò máa ń kọjú sí. Wọ́n gbá a lókè, ó dún kọ́. Wọ́n gbá a ní ibi tó ga tó ìgbáròkó mi, ó dún gbò. Wọ́n gbá ìsàlẹ̀, gbò, gbò, bí ìgbà tí a bá ń lu páálí. Wọ́n wá fi ìka tẹ simẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri níbẹ̀, àwo ńlá kan ṣí kúrò lára ògiri, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Mo yí i padà. Amọ̀ tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́ ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tutù. Mo ki ọwọ́ sínú ihò tó fi sílẹ̀ lára ògiri, ìka mi wọlé dé oríkèé kejì bí ẹni ki ìka bọ ẹ̀kọ. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn o, òjò ò tíì rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

“Omi ọdún tó kọjá nìyẹn,” ni Baba wí.

Ògiri amọ̀ máa ń mu omi. Kò sí bí a ó ṣe ṣe é tí kò ní mu, ì báà jẹ́ láti ilẹ̀, ì báà jẹ́ láti òjò tó ń fẹ́ lù ú. Ohun tó ń gbà á là ni pé bó ṣe ń mu ún náà ló ń tú u jáde síta nígbà tí oòrùn bá yọ. Amọ̀ kíkúnná tí wọ́n pò mọ́ ẹlẹ́bọ́tọ ni wọ́n fi rẹ́ gbọ̀ngàn yìí ní 1954, àwọn ìyá ọlọ́jà ló sì ń tún un pa lọ́dọọdún kí ọdún ìlú tó dé. Òjò á fọ díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Simẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le ju amọ̀ lọ, kì í bá a wú, kì í bá a sún. Nígbà tí ògiri bá mira díẹ̀, simẹ́ńtì á sán, omi á gba ojú sísán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Láti ìta, ilé ń dán. Nínú, ó ti di ẹ̀kọ.

Mo béèrè ẹni tó fi simẹ́ńtì rẹ́ ẹ.

Baba ò dáhùn. Wọ́n mú mi jáde síta, wọ́n fi ọ̀pá wá ìdí ògiri, wọ́n ní kí n fi yangí han àwọn. N kò rí yangí kankan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ojú ọ̀nà ṣe ni wọ́n ń kún un sókè, títí ilẹ̀ fi gun orí òkúta náà kọjá. Ògiri náà ti dúró láìwọ bàtà.

“Ọ̀nà kọ́ iṣẹ́ tèmi,” ni wọ́n wí lẹ́yìn ìyẹn. “Ṣùgbọ́n rírẹ́ yẹn, èmi ni.”

Ọdún 1977 ni. Ẹni tó bá dàgbà tó yóò rántí simẹ́ńtì ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ológun ní kí wọ́n kó bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù wọlé, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì tò sójú omi Èkó tí èbúté ò lè gbà wọ́n, títí ẹrù àwọn kan fi dì sínú ọkọ̀. Ṣáájú ìyẹn, láti 1960, Ewékòró ti ń ṣe simẹ́ńtì nítòsí wa. Amọ̀ wá di ohun ìtìjú. Baba ti di ọ̀gá nígbà náà, ọmọ iṣẹ́ 11 ló wà lábẹ́ wọn, àwọn àgbà ọjà sì pè wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn sọ gbọ̀ngàn di ti ìgbàlódé. Wọ́n fi ìṣó kan wáyà mọ́ ògiri kí simẹ́ńtì lè dì í mú, wọ́n rẹ́ ẹ nínú, wọ́n rẹ́ ẹ lóde. Wọ́n pa màlúù lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀.

“Inú mi dùn lọ́jọ́ náà,” ni Baba wí. “Mo ní àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́bọ́tọ.”

Èmi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i, mo bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Katakata dé lẹ́yìn aago 11. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wà á. Apá àríwá ló kọjú sí, bóyá nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọ̀nà. Ó gbé eyín irin rẹ̀ lé ògiri, ó tì í. Eruku pupa díẹ̀ já bọ́, ògiri ò mira. Ó fà sẹ́yìn, ó tún kọlù ú, ihò kan ṣí tó orí ènìyàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn katakata náà gbé sókè nílẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń wòran hó yèè. Obìnrin kan tó ń kó igbá ata rẹ̀ sá sẹ́yìn pariwo pé, “Ẹ ní ó ti gbó ni, àbí?”

Mo wo Baba, mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ṣe ni wọ́n dìde. Wọ́n la eruku kọjá lọ bá awakọ̀ náà, wọ́n ju ọwọ́ sókè sí i.

“Ọmọ mi, bí o bá ń tì í láti ibí yìí, ìsọ̀ àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ni yóò wó lé. Lọ sí igun gúúsù. Gbá a nísàlẹ̀, kó ga tó ìgbáròkó rẹ, kí o sì tètè fà sẹ́yìn. Yóò wó sínú.”

“Ẹ ṣé o, Baba. Ẹ ti wó irú rẹ̀ rí?”

“Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Kò dájú pé ọmọ náà gbọ́ èyí, ẹ̀rọ ń kígbe. Ó yí katakata lọ sí igun náà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ògiri náà kọ́kọ́ jókòó, bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kí òkè tó tẹ̀lé e wọ inú gbọ̀ngàn. Kìnnìún náà wà lórí rẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀. Eruku bo igi odán mọ́lẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ìpele amọ̀ hàn lójú ibi tó ti ya, ọ̀kan lórí èkejì, tókè pọ́n, tó sì gbẹ, tìsàlẹ̀ dúdú.

A kò dúró de ìyókù. Mo fi ọkọ̀ gbé Baba lọ sílé, wọn ò sì sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ilé wọn náà jẹ́ ti amọ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ́ ọ, simẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ọ̀dà búlúù sì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ di apá wọn mú dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì ń fi orí ọ̀pá gbá a bí wọ́n ti ń lọ. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé abẹ́ fèrèsé, ó dún gbò. Wọ́n dúró, wọ́n padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún gbá a.