Ìwé Àyẹ̀wò Ní Kò Sí Nǹkan, Kí Ló Dé Tí Dókítà Fi Kọ Sítátìn?

Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Ọmọ ọdún 58 ni, aṣọ ló ń tà. Kì í yẹ oògùn ṣúgà rẹ̀, kò sì fẹnu kan sìgá rí. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí i lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. Ó na ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí mi, ó ní: "Gbà, kà á fúnra rẹ. Wọ́n ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi ò ga. Kí wá ni mo fẹ́ máa fi oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe lójoojúmọ́?"

Mo kà á, òótọ́ ló sọ. LDL, ìyẹn irú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó máa ń há sára iṣan ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 3.1 mmol/L nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ mg/dL ni ilé àyẹ̀wò tiyín ń lò, nǹkan bí 120 ni ẹ ó rí. Kò kọjá ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ ni kò dára, 148 lórí 92. Dókítà wá fi oògùn méjì kún mẹtifọ́mìnì tó ń lò: ọ̀kan fún ìfúnpá, èkejì ni atọfasítátìn miligíráàmù 20, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní sítátìn. Èyí ni kò fẹ́ gbà.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ayé ni wọ́n tẹ ààlà yẹn fún. Ìwé yẹn ò mọ̀ pé ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ní àtọ̀gbẹ."

Ohun tí àtọ̀gbẹ ń ṣe nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ̀ kọjá. Nígbà tí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, awọ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, bí ògiri tí òjò ti ń gbá lára. Àtọ̀gbẹ tún máa ń sọ hóró LDL di kékeré, ṣúgà á sì lẹ̀ mọ́ ọn, kó lè rọrùn fún un láti wọ inú ògiri tó ti bó náà. Ẹni méjì lè ní 3.1 lórí ìwé, kí ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì léwu ju ti èkejì lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún dé, tó ń ti ògiri yẹn tọ̀sán tòru, ẹ̀bi náà á yá. Ọ̀rá á kó jọ síbẹ̀, awọ tínrín kan á bò ó. Lọ́jọ́ tí awọ náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ibẹ̀, á sì dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń bọ́ ọkàn ló dí, apá kan ọkàn á kú. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Kò sí èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lára nínú gbogbo ọdún tí ọ̀rá fi ń kó jọ.

Àwọn oníṣègùn dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Ìlú Ọba àti Áyálándì, lára irú ènìyàn bí ẹ̀gbọ́n mi gan-an. CARDS ni wọ́n pe ìwádìí náà, ọdún 2004 ni èsì rẹ̀ jáde. Àwọn 2,838 tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n kó jọ, láti ẹni ogójì ọdún sí ẹni ọdún 75. Kò sí ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni LDL wọn kò ga: ní ìpíndọ́gba, nǹkan bíi 3 ni. Wọ́n fún ìdajì ní atọfasítátìn miligíráàmù 10, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Àǹfààní rẹ̀ tètè hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú àkókò. Láàárín ọdún bíi mẹ́rin, 127 nínú àwọn tí kò rí oògùn gidi gbà ni ìjàǹbá ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ bá. Lára àwọn tó lo sítátìn, 83 ni. Ẹ wò ó báyìí: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mẹ́sàn-án ní ọ̀hún, mẹ́fà níhìn-ín. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ẹni mẹ́fà ṣì kó sí i. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tó yọ, mi ò lè pè wọ́n ní kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kì í jẹ ọ̀rá púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ yẹn ni sítátìn ń dín kù. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ kò bá rí tirẹ̀ ṣe tó mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa LDL inú ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Akira Endo, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, ló kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nínú èébu tó hù lára ìrẹsì.

Ìfúnpá ńkọ́? Ní tiwa nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí rọpárọsẹ̀ ti ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lójú gbogbo wa, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sítátìn rọ́pò oògùn ìfúnpá. Ìwádìí UKPDS fi hàn lọ́dún 1998 pé àwọn alátọ̀gbẹ tí ìfúnpá wọn wálẹ̀ sí 144 lórí 82, dípò 154 lórí 87, fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Mẹ́wàá péré ni ìyàtọ̀ tòkè yẹn.

Ohun tó kù tó ń ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù ni ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́jà, pé sítátìn máa ń jẹ́ kí ẹran ara ro ni. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nínú ìwádìí SAMSON tó jáde lọ́dún 2020, ọgọ́ta ènìyàn tó ti pa sítátìn tì nítorí ìnira tí wọ́n ní gbà láti lo ìgò oògùn kan lóṣù fún ọdún kan. Oṣù mẹ́rin jẹ́ sítátìn, oṣù mẹ́rin jẹ́ oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ìgò oṣù mẹ́rin sì ṣófo. Wọn ò mọ èyí tó jẹ́ sítátìn nínú méjì àkọ́kọ́. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìnira tí wọ́n ní nígbà sítátìn ló wà nígbà tí oògùn òfìfo wà lẹ́nu wọn. Ìnira náà ń bá wọn lóòótọ́ o. Sítátìn kọ́ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ ewu kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Bí iṣan ara bá ń ro yín gidigidi, tí agbára ò sí, tí ìtọ̀ sì dúdú bí omi kọfí, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ oògùn mìíràn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá kilaritromáísìn, torí ó lè mú kí sítátìn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Aláboyún kì í lò ó láìjẹ́ pé dókítà tó mọ oyún náà pàṣẹ. Ó lè gbé ṣúgà sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ fún ọkàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà níkẹyìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò: LDL ti wá sí 1.8, ìfúnpá sì jẹ́ 128 lórí 78. Ó bi mí bóyá òun lè wá dá a dúró báyìí. Mo ní rárá, bí ó bá dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ LDL á padà síbi tó ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ti pé ẹni ogójì ọdún, ẹ má ra sítátìn fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Nígbà tí ẹ bá tún rí dókítà, ẹ béèrè iye LDL yín àti iye ìfúnpá yín, kí ẹ sì bi í bóyá sítátìn tọ́ sí yín.