Bí A Ṣe Ń Ti Àkáǹtì Tẹ́tẹ́ Pa, Kí Owó Tó Kù Má Bàa Há Síbẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá pinnu pé òun ò ní í ta tẹ́tẹ́ mọ́ máa ń kọ́kọ́ pa áàpù rẹ́ lórí fóònù. Ó máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n áàpù nìkan ló kúrò. Àkáǹtì ṣì wà lọ́dọ̀ kọ́ńpánì, orúkọ àti káàdì ẹni ṣì wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba owó tó kù náà ṣì jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń pe èèyàn padà wá ta ò ní í dáwọ́ dúró. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó ti pàdánù ò gbọdọ̀ tún fi àṣẹ́kù owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ìlú Ọba la ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kà, nítorí pé àwọn èèyàn wa tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀, òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ náà sì ṣe kedere. Àjọ tó ń fún àwọn kọ́ńpánì tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ ni Gambling Commission. Kọ́ńpánì tó bá gba ìwé àṣẹ náà ti gbà láti tẹ̀ lé ìlànà àjọ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ́ńpánì yín, kí ẹ wo nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Bí orúkọ kọ́ńpánì ò bá sí níbẹ̀, ohun tí a ó sọ yìí ò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn rú jù ni pé bọ́tìnì mẹ́ta ló jọra wọn nínú àkáǹtì, tí iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni Time-out. Ìsinmi lásán lèyí, ó lè jẹ́ wákàtí 24, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Bí àkókò náà bá ti pé, àkáǹtì á ṣí padà. Èkejì ni Close account, ìyẹn ni pé ẹ ò fẹ́ bá kọ́ńpánì náà ṣe mọ́, bóyá nítorí pé ẹ rí èyí tó dára jù ú lọ, tàbí pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ sí i mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣí fún yín. Ẹ̀kẹta ni Self-exclusion. Èyí wà fún ẹni tó mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ti fẹ́ borí òun. Ó kéré tán, oṣù 6 ni, kọ́ńpánì ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni náà ta títí àkókò náà yóò fi pé, kódà bó bá ń bẹ̀ wọ́n. Bó bá tilẹ̀ pé, àkáǹtì náà ò ní í ṣí fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2, kọ́ńpánì gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé Self-exclusion kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ owó. Ìlànà àjọ náà sọ ọ́ kedere pé kí kọ́ńpánì ti àkáǹtì ẹni náà pa, kí ó sì dá owó tó wà nínú rẹ̀ padà fún un. Kò gbọdọ̀ fi owó yẹn há a mọ́lẹ̀ títí oṣù 6 yóò fi pé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ GAMSTOP lẹ forúkọ sílẹ̀ sí, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń dí gbogbo kọ́ńpánì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó níwèé àṣẹ ní Bìrìtéènì pa mọ́ èèyàn fún oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5, ẹ rántí pé GAMSTOP fúnra rẹ̀ kì í mú owó lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa kàn sí kọ́ńpánì kọ̀ọ̀kan tí owó yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lè kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ jáde kó tó dí ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ pé owó náà ò ní í sùn mọ́jú lọ́wọ́ òun kó kọ́kọ́ dí ara rẹ̀ mọ́ ná, kó wá béèrè owó lẹ́yìn náà. Kò ní í pàdánù rẹ̀ torí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ní Peckham ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣí áàpù, ó rí i pé £150 ló wà nínú àkáǹtì òun. Ó fẹ́ gbà á jáde, ẹ̀rọ ní £120 péré ló lè gbà. Kò sẹ́ni tó jí £30 tó kù. Bọ́nọ́ọ̀sì ni, kọ́ńpánì ló fi í ṣe ẹ̀bùn, pẹ̀lú àdéhùn pé kó fi í ta tó iye kan kó tó di owó gidi. Bó bá ti àkáǹtì pa, bọ́nọ́ọ̀sì tí kò tíì di owó náà yóò sọnù, kò sì sí ẹ̀sùn tó lè fi gbà á. Kò wá yẹ kí èèyàn jókòó máa ta sí i kí £30 má bàa sọnù, torí £120 tó dájú ló máa fi ta á. Ọkùnrin yìí tún ti fi £10 ta bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, wọn ò sì tíì gbá a. Owó yẹn ti kúrò nínú £150 náà, ó sì ń dúró de èsì. Òfin tí kọ́ńpánì kọ sílẹ̀ ló máa sọ bóyá tẹ́tẹ́ náà yóò dúró títí èsì fi jáde tàbí wọn á fagi lé e. Ó dára kó béèrè èyí ní tààràtà nínú ìwé rẹ̀.

Ó tẹ Withdraw fún £120. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn kọ́ńpánì ò gbọdọ̀ fún oníbàárà ní bọ́tìnì tó lè fi fagi lé owó tó ti ní òun fẹ́ gbà jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí owó náà bá ń pẹ́, ọwọ́ á máa yún èèyàn láti dá a padà, kó sì tún fi ta. Bí ẹ bá rí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ lónìí, àpẹẹrẹ pé nǹkan ò tọ́ lọ́dọ̀ kọ́ńpánì náà ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá há ni pé káàdì báńkì tó fi ń sanwó fún kọ́ńpánì náà ti kú, torí ó ti kúrò ní báńkì yẹn. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni àwọn kọ́ńpánì máa ń fẹ́ kó gbà jáde, kí wọ́n má bàa di ọ̀nà tí àwọn ọ̀daràn ń gbà fọ owó mọ́. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ìwé tó fi hàn pé àkáǹtì ti àtijọ́ ti di títì, àti ìwé báńkì tuntun tó ní orúkọ rẹ̀ lórí. Orúkọ yìí ló ń ká àwọn èèyàn wa mọ́. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ níbi tẹ́tẹ́ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, tó sì jẹ́ pé orúkọ míì ló wà lórí káàdì báńkì rẹ̀, yóò ṣàlàyé títí. Ó yẹ kó fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má bàa máa béèrè é ní díẹ̀díẹ̀.

Ìlànà tún wà lórí ìwé bíbéèrè yìí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni ó ti di dandan kí kọ́ńpánì mọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí oníbàárà kó tó jẹ́ kó ta. Bí ìwé kan bá wà tí ó yẹ kí wọ́n ti béèrè látìgbà yẹn, kò tọ́ kí wọ́n wá fi í dí owó mọ́lẹ̀ nígbà tí oníbàárà ń lọ. Ṣùgbọ́n bí òfin tó lòdì sí fífọ owó mọ́ bá sọ pé kí wọ́n béèrè, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ bi wọ́n pé òfin wo ló ní kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ máa kọ ò gbọdọ̀ gùn. Ímeèlì tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ àkáǹtì àti ọjọ́ tí ẹ ń kọ ìwé. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nínú títì àti Self-exclusion, torí pé òṣìṣẹ́ tó ka “ó ti sú mi” lè fún yín ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí nínú àkáǹtì, kí ẹ ya owó gidi sọ́tọ̀ sí bọ́nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì dárúkọ tẹ́tẹ́ tí kò tíì ní èsì. Ẹ sọ ibi tí owó yóò gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn pé àkáǹtì ti di títì. Ẹni tó bá fẹ́ Self-exclusion nítorí pé tẹ́tẹ́ ń ṣe é lọ́ṣẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Gbólóhùn yẹn ló ń sọ iṣẹ́ tí kọ́ńpánì gbọ́dọ̀ ṣe. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú àkáǹtì àti ìtàn owó tó wọlé tó jáde, torí bí wọ́n bá ti tì í, ẹ̀yin náà ò ní í lè wọlé mọ́.

Bí wọn ò bá dáhùn, tàbí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yíká, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ sì pè é ní ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ní láti fi yanjú rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n bá kọ ìwé pé ìdáhùn àwọn ti parí síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí kọ́ńpánì náà kọ sínú òfin rẹ̀. IBAS ni ọ̀kan tí àwọn èèyàn mọ̀ jù. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ má ṣe dúró de Gambling Commission kó gba owó yín, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti bá ẹnì kọ̀ọ̀kan gbowó, ṣùgbọ́n ẹ lè fi tó o létí, torí ó lè fìyà jẹ kọ́ńpánì tó ń rú ìlànà.

Ó ní ìdí tí kò fi yẹ kí owó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àkáǹtì tẹ́tẹ́ kì í ṣe báńkì, ìjọba ò sì dúró fún owó inú rẹ̀. Kọ́ńpánì kàn gbọ́dọ̀ sọ fún yín bóyá ó ya owó oníbàárà sọ́tọ̀, àti bí ìdáàbòbò náà ṣe lágbára tó. Nígbà tí Football Index wó ní oṣù kẹta ọdún 2021, owó tó wà ní àkáǹtì àwọn oníbàárà ní ètò ìdáàbòbò tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ti fi ta tẹ́tẹ́ tó ṣì ń lọ ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà, kì í ṣe ti Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Ẹni tó ń ta ní Èkó, LSLGA ni àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà náà wà. Bí ìwé ṣe rí lókè yìí náà ni yóò rí, àyàfi pé orúkọ tó wà ní báńkì àti orúkọ tó wà ní àkáǹtì tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó ò ní í jáde.

Nígbà tí owó bá wọlé, ẹ fi iye rẹ̀ wé èyí tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ títì lásán lẹ béèrè, ẹ gbìyànjú láti wọ àkáǹtì náà. Bó bá gbà yín wọlé, wọn ò tíì tì í, kí ẹ tún kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó béèrè Self-exclusion ò nílò láti dán an wò rárá. Ìwé ìdánilójú tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kó tọ́jú, torí bí wọ́n bá tún gbà á láyè láti ta lẹ́yìn náà, ìwé yẹn ni yóò fi béèrè owó rẹ̀.