Ẹ Má Wo Gíga Dẹ́ẹ̀tà, Iṣẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Nínú ẹ̀kọ́ nípa àmì, ìyẹn ohunkóhun tó ń lọ sókè sódò bí àkókò ti ń lọ, bí ohùn nínú makirofóònù tàbí iná mànàmáná nínú wáyà, ohun kan wà tó máa ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú. Wọ́n á ní kò fẹ̀ rárá, wọ́n á ní gíga rẹ̀ kò lópin, wọ́n á tún ní àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1 géérégé. Ímpọ́ọ̀sì ẹyọ lorúkọ rẹ̀, δ, lẹ́tà Gíríìkì tí à ń pè ní dẹ́ẹ̀tà, ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Gíga yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbájú mọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣìnà. Gíga 2δ náà kò lópin. Bó bá jẹ́ pé gíga la fi ń dá wọn mọ̀, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín 2δ àti δ? Bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì èkejì ni ọ̀kan jẹ́. Àyè abẹ́ wọn ló yàtọ̀: ti ọ̀kan jẹ́ 2, ti èkejì jẹ́ 1.

Paul Dirac, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe dẹ́ẹ̀tà yìí, iṣẹ́ ẹnjiníà iná ló kọ́kọ́ kọ́ ní Yunifásítì Bristol. Ọdún 1921 ló gboyè níbẹ̀, kó tó bọ́ sídìí físíìsì. Oliver Heaviside ti lo irú nǹkan báyìí ṣáájú rẹ̀, àmọ́ ìwé tí Dirac gbé jáde ní 1930 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Dirac fúnra rẹ̀ kò pè é ní fọ́ńṣọ̀n bíi tàwọn yòókù. Nígbà tó di àárín ọdún 1940 sí 1950, Laurent Schwartz, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, wá fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé kò béèrè iye tí dẹ́ẹ̀tà jẹ́ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ohun tí dẹ́ẹ̀tà ń ṣe fún fọ́ńṣọ̀n mìíràn, tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ló fi ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí gan-an ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ẹ ya àpótí kan sórí ìlà àkókò, kí àárín rẹ̀ wà ní t = 3, kó fẹ̀ ní 1, kó ga ní 1. Àyè rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ wá mú fọ́ńṣọ̀n f(t) = t², ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po àpótí yìí, kí ẹ sì wá àyè abẹ́ èsì náà. Àpótí jẹ́ òdo ní gbogbo ibi tó kù, nítorí náà láti 2.5 sí 3.5 nìkan la ní í ṣe iṣẹ́. Èsì rẹ̀ jẹ́ 9.0833. Ẹ wá fún àpótí náà pọ̀ kó fẹ̀ ní 0.1, kí ẹ sì gbé e ga dé 10, kí àyè rẹ̀ má bàa kúrò ní 1. Èsì di 9.00083. Ẹ tún un fún kó fẹ̀ ní 0.01, kó ga ní 100: ó di 9.0000083.

Ẹ rí i pé gíga àpótí ń fò sókè, àmọ́ èsì kò fò rárá. Ńṣe ló ń fara balẹ̀ sórí 9, ìyẹn 3². Ohun tó fà á ni pé àpótí tí àyè rẹ̀ jẹ́ 1 kì í ṣe ju kó sọ ìpíndọ́gba f fún wa ní ibi tó bò. Bí ibi tó bò bá ti wá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí f kò ráyè yí padà níbẹ̀, ìpíndọ́gba yẹn di iye f ní ojú kan náà gan-an. Dẹ́ẹ̀tà ni ibi tí àpótí yìí ń lọ:

```
∫ f(t) δ(t − a) dt = f(a)
```

Èyí ni ìwà sísẹ́ tí wọ́n ń sọ: nínú gbogbo iye tí f ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní a ni dẹ́ẹ̀tà yọ sílẹ̀.

Ó ní ibi tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú o. Bí ìṣirò bá lọ láti 0 sí 2, tí a sì jẹ́ 3, òdo ni èsì, nítorí a kò dé ibi tí dẹ́ẹ̀tà wà. Bákan náà, f kò gbọ́dọ̀ já lójijì ní a. Bó bá já, àpótí yóò máa pín ìhà méjèèjì, kò sì ní sí iye kan tó jẹ́ f(a) láti yọ. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni δ(2t). Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé δ(t) náà ni. Ẹ padà sórí àpótí: bí ẹ bá fi 2t rọ́pò t, fífẹ̀ rẹ̀ dín sí ìdajì, gíga rẹ̀ kò yẹsẹ̀, àyè di ½. Nítorí náà δ(2t) jẹ́ ½δ(t).

Ọpẹ́lọpẹ́ ìwà sísẹ́ yìí, ìyípadà Fourier ti dẹ́ẹ̀tà kì í gbà ju ìlà kan lọ. Ìyípadà Fourier máa ń béèrè lọ́wọ́ àmì kan pé, "Mélòó nínú ìgbì tó ń gbọ̀n ní ìgbà f láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà nínú rẹ?" Láti rí ìdáhùn, a ó sọ àmì náà di ìlọ́po ìgbì yẹn, a ó sì rò ó pọ̀:

```
∫ δ(t) e^(−i2πft) dt = e^0 = 1
```

Dẹ́ẹ̀tà yọ iye ìgbì náà ní t = 0, níbẹ̀ sì rèé, gbogbo ìgbì jẹ́ 1, ìbáà yára, ìbáà fà. Gbogbo ìgbì ló wà nínú dẹ́ẹ̀tà ní ìwọ̀n kan náà. Ẹnìkan lè béèrè pé, bí gbogbo ìgbì bá wà nínú rẹ̀, kí ló dé tó fi dákẹ́ ní gbogbo ibi tí kì í ṣe òdo? Ìdí ni pé t = 0 nìkan ni gbogbo wọn ti jọ wà ní òkè. Ní ibòmíràn, bí èyí ti ń gòkè ni ìyẹn ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì pa ara wọn rẹ́. Bí a bá sún dẹ́ẹ̀tà lọ sí a, e^(−i2πfa) la ó rí. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ 1. Ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ ló yí padà.

Èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìró máa fọ́ bàlúùnù nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìró kan bá gbé gbogbo ìgbì dání ní ìwọ̀n kan náà, ohun tí gbọ̀ngàn bá fi kún ìgbì kọ̀ọ̀kan tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀ yóò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ bàlúùnù kì í ṣe dẹ́ẹ̀tà. Ìró rẹ̀ gba àkókò díẹ̀. Fún àpótí tó fẹ̀ ní ε, ohun tó wà nínú rẹ̀ ní f jẹ́ sin(πfε)/(πfε). Bí ε bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ ní 1,000 Hz, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀dọ́ ń gbọ́ dé nǹkan bí 20,000 Hz. Bí ε bá dín sí 0.00001 ìṣẹ́jú àáyá, ó ṣì ku nǹkan bí 0.94 ní 20,000 Hz, ìyẹn sì tó fún iṣẹ́. Ìnira tó kù ni pé bí àpótí ti ń fún pọ̀, a óò ní láti gbé e ga sí i kí àyè rẹ̀ má bàa dín, ẹ̀rọ agbóhùnjáde kò sì lè gbé irú gíga bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ìró kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, láti 20 Hz dé 20,000 Hz, jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí wọ́n á wá fi ìṣirò yọ ohun tí gbọ̀ngàn ì bá dá padà fún dẹ́ẹ̀tà.